Wọ́n Ní Mo Ti Kú Lórí Péèjì

Mo ń tú ojú bọ́tìnnì aṣọ nọ́ọ̀sì kan tí mo rán sí apá òdì nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń retí èsì kan. Ilé-ìwé tuntun kan ní Lókója ń wá ẹni tí yóò rán yúnífọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ wọn, n kò sì tíì rí irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ gbà rí. Obìnrin tó ni ilé-ìwé náà ló kọ̀wé sí péèjì ilé-iṣẹ́ mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: “A bá yín kẹ́dùn ikú ọ̀gá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bójú tó iṣẹ́ báyìí, àbí kí a wá ẹlòmíràn?”

Èmi ni ọ̀gá náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ó rí orúkọ mi lórí péèjì, ó wá a dé ojúewé tèmi gan-an láti mọ ẹni tí mo jẹ́, ó sì bá ìyá ọkọ mi pàdé níbi tó yẹ kí ojú mi wà, pẹ̀lú gèlè, àbẹ́là kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì, àti “Sùn-un re o” lábẹ́ rẹ̀. Ó ti di oṣù méje tí ìyá ti kú. Àwa ìyàwó ilé márùn-ún la fi àwòrán wọn rọ́pò ojú wa lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ yọ ọ́, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ọ́ ni kò fẹ́ràn wọn.

Péèjì gan-an tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà ló ṣe é fún mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a jẹ́ ilé-iṣẹ́ àgbáyé tó ń pèsè ojútùú aṣọ fún gbogbo àwùjọ, ó sì gbé ilé gíga onígíláàsì kan sí òkè rẹ̀. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàbà. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní, èmi àti obìnrin méjì, páànù orí wa sì ti dípẹtà.

“Bí wọ́n bá wá wo ilé náà ńkọ́?” ni mo bi í nígbà náà.

“Màmá, wọn ò ní wá.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Mo dá obìnrin náà lóhùn pé mo wà láàyè, kó jọ̀wọ́ padà wò mí lọ́la. Mo wá jókòó ti fóònù. Mo yọ ilé gíláàsì kúrò. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mi ya àwòrán mi nídìí ẹ̀rọ, mo sì fi àwòrán kan náà sí péèjì àti sí ojúewé tèmi, kí ẹni tó bá ti ibì kan dé ibì kejì mọ̀ pé òun kò ṣìnà. Lórí péèjì, mo kọ ọ́ pé: “A ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé àti ti ilé ìwòsàn. A máa ń wá wọn àwọn ọmọ ní ilé-ìwé wọn.” Lórí tèmi, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo ń gé aṣọ náà. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibi iṣẹ́, mo ti fọwọ́ tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, mo sì fo lẹ́tà kan, nítorí náà ibi òfìfo ni ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ń já sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mú péèjì gan-an láàrin àwọn tí wọ́n tò síwájú mi. Ogunlọ́gọ̀ “Àmín” àti ìkíni ọjọ́ ìbí tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo sé e mọ́ àárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo wá kọ tuntun kan tí gbogbo ayé lè kà: ìdí tí mo fi ń rán etí àpò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé máńgòrò làwọn ọmọ ń kó sínú rẹ̀.

Ìyá ló kù. N kò pa àwòrán wọn rẹ́, mo kàn fi tèmi síwájú.

Wákàtí kan kò tíì pé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ tí mo ti ní péèjì, kò tẹ nǹkan kan níbẹ̀ rí.

“Okun o, ìyàwó,” ló fi kí mi.

“Okun, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo rí i pé o ti lé màmá wa jáde.”

“Wọ́n wà láàrin àwọn àwòrán mi. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí wọn.”

“Ojú tìrẹ wá dára ju tiwọn lọ?”

“Rárá o. Èmi ni mò ń ránṣọ ni.”

“Màmá náà mọ aṣọ rán.”

“Ṣùgbọ́n wọn ò lè lọ wọn ọmọ ní Lókója mọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Ó pòṣé, ó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyàwó mẹ́rin yòókù ti yọ àwòrán náà. Àṣé ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ bú ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin Lókója náà pè mí lórí fídíò. Mo fi ojú mi hàn án, mo fi ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án, n kò sì fi páànù pamọ́. Ó ní òun ti ka ọ̀rọ̀ máńgòrò. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wo owó kó má jẹ́ ayédèrú.

“Ó dáa,” ló wí. “Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ wá wọn àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè yìí ni kí ẹ wá o.”