Fóònù Ìdánwò Múdàṣírù

Ní Ìkòtún, níbi tí àwọn kẹ̀kẹ́ Ìgàndó ti ń kó èrò, Múdàṣírù, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Bàbá Hamdalah, ní tábìlì kan lábẹ́ agbòòrùn ńlá. Ṣájà, gíláàsì ojú fóònù àti íyápíìsì ló ń tà. Ohun gbogbo ló ní ààyè tirẹ̀ lórí tábìlì náà: dúdú lápá kan, funfun lápá kejì, ó sì máa ń nù wọ́n láràárọ̀ kí ó tó jókòó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ló bá wá sí Èkó, Dópẹmú ló sì ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ohun tí ọ̀gá náà ń tẹnu mọ́ jù ni pé, “Ohun tí etí rẹ kò bá tíì gbọ́, má gbé e fún oníbàárà.” Nígbà tí iṣẹ́ rédíò kò mówó wọlé mọ́, Múdàṣírù bọ́ sídìí ọjà fóònù, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó wá fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán, ó fi okùn dè é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì sọ ọ́ di fóònù ìdánwò. Kò sí ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ ki í bọ fóònù yẹn.

Nígbà tí àwọn fóònù tí kò ní ihò íyápíìsì gbòde, adápítà di ọjà tó ń yá. Okùn kúkúrú ni: ẹnu rẹ̀ kan ń wọ ihò ṣájà, íyápíìsì sì ń wọ ẹnu kejì. Àwọn kan máa ń dá tiwọn padà pé kò ṣiṣẹ́. Múdàṣírù á ki í bọ fóònù ìdánwò, orin á dún, á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ má bínú, fóònù yín ló ní àrùn.” Bí ó ti sọ fún Tíṣà Ilésanmí láti Ayọ̀bọ̀ nìyẹn, bàbá náà sì rọra lọ. Múdàṣírù kò purọ́. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àmínát, ọmọbìnrin àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, sáré dé ìdí tábìlì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ló ra adápítà lọ. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ẹrù fún àwọn èèyàn ń wá ẹni tí yóò máa jókòó sílé dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Íyápíìsì olókùn ni wọ́n ní kó lò, nítorí bátìrì èyí tí kò lókùn a máa kú lẹ́nu ọ̀rọ̀.

“Bàbá Hamdalah, ẹ káàsán, sà. Nǹkan yìí ò sọ̀rọ̀ o.”

“Kò sọ̀rọ̀ báwo? Ṣebí ojú ẹ la ṣe dán an wò.”

“Lórí fóònù tiyín ni, sà. Tí mo bá ki í bọ tèmi, ìta lohùn ṣì ń gbà jáde, bí ẹni pé mi ò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́.”

Múdàṣírù ki í bọ fóònù ìdánwò. Orin dún ketekete. “Ṣó o gbọ́? Fóònù ẹ ló—”

“Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún mi ni, sà!” Ohùn ọmọ náà ti fẹ́ di ẹkún. “Lẹ́yìn ìrun Ásírì ni ilé iṣẹ́ náà máa pè mí láti dán mi wò. Tí wọn ò bá gbọ́ mi dáadáa, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbà.”

Hope, tó ń ta káàdì lábẹ́ agbòòrùn kejì, bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Hamdalah! Gbogbo fóònù Ìkòtún ló ti ṣàìsàn tán, tiyín nìkan lara ẹ̀ le.”

“Ìwọ náà gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Mú tìẹ wá ká wò ó.”

Hope na fóònù tirẹ̀ sí i. Tuntun ni, kò ní ihò íyápíìsì. Múdàṣírù ki adápítà náà bọ̀ ọ́, ó fi íyápíìsì sétí. Kẹ́kẹ́ pa. Ó yọ ọ́, ó tún un kì. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Gbogbo àwọn tó ti lé padà pé fóònù wọn ló ní àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lọ́kàn, ojú Tíṣà Ilésanmí ló ṣáájú. Àṣé fóònù ìdánwò gan-an ló yàtọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Adápítà ló wà nínú rẹ̀, ó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù ú lọ. Ẹni tó ń kó ọjà fún un ti sọ pé èyí ní ọpọlọ nínú. Múdàṣírù rò pé ọ̀rọ̀ àtitajà lásán ni, torí pé ohùn kan náà ni méjèèjì ń mú jáde lórí fóònù ìdánwò.

“Ó ti wá yé mi,” ó wí. “Nọ́ńbà lorin jẹ́ nínú fóònù. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà yẹn di ohùn. Fóònù tèmi ń ṣe é fúnra ẹ̀, ó wá ń gbé ohùn gba ihò ṣájà jáde. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń tà. Ògì ni fóònù tiyín ń tà ní tiẹ̀, ẹni tó bá rà á ló máa lọ sè é. Adápítà olówó pọ́ọ́kú yìí ò ní iná tó máa fi sè é, okùn lásán ni.”

“Ebi ló ń pa yín,” ni Hope wí.

Múdàṣírù ki adápítà olọ́pọlọ náà bọ fóònù Hope. Orin dún. Ó yára ki í bọ ti Àmínát. Kò dún.

Ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn gáréèjì, ẹnì kan ń gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn pọ́ pọ́ láti pe ìrun.

“Ẹ dúró ná, sà,” ni Àmínát wí. “Nígbà tí mo fẹ́ fi fláàṣì wo àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, fóònù yìí ò rí i, àfìgbà tí mo tan OTG ní sẹ́tínsì, òun ló ń jẹ́ kí fóònù mọ ohun tá a bá kì bọ̀ ọ́. Ó máa ń pa ara ẹ̀ téèyàn ò bá lò ó.” Ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ là. “Ó ti ń dún!”

“Ó ku ẹnu,” ni Múdàṣírù wí. Ó gbé irin íyápíìsì ọmọ náà sójú oòrùn. “Ìlà dúdú mẹ́ta. Ó dáa. Oníméjì máa ń gbọ́ràn ni, kì í sọ̀rọ̀. Gbé fóònù jìnnà, kó o sọ̀rọ̀ síbi kékeré tó wà lára okùn yẹn, ká gbà á sílẹ̀.”

Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n tẹ́tí sí i. Ohùn Àmínát jáde kedere, fèrè kẹ̀kẹ́ sì ń dún lọ́nà jíjìn lẹ́yìn rẹ̀.

“Gbé e, máa sáré lọ sílé. Fi èyí tó o rà láàárọ̀ sílẹ̀ fún mi.”

Nígbà tí Múdàṣírù kírun dé, kò lè jókòó. Ó ń nu ohun tó ti nù tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù àpò rẹ̀ dún.

“Bàbá Hamdalah, ṣé ẹ ń gbọ́ mi, sà? Íyápíìsì yẹn ni mo fi ń pè yín.”

“Mò ń gbọ́ ẹ bí ẹni tó jókòó tì mí.”

“Ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn! Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé!”

“Alihamudu lilahi!” Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi yíjú wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn fóònù ìdánwò, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ó mú adápítà olọ́pọlọ kan, ó fi sí apá ọ̀tọ̀ lórí tábìlì, ó wá kọjú sí Hope.

“Ṣé o rántí bàbá tíṣà Ayọ̀bọ̀ yẹn?”

“Ẹni tẹ́ ẹ ní fóònù ẹ̀ lárùn? Àràárọ̀ ló ń gba ibí kọjá.”

“Tó o bá kọ́kọ́ rí i, pè é fún mi. Sọ fún un pé kó mú fóònù ẹ̀ dání.”