Yàrá Tí A Kan Fèrèsé Rẹ̀ Pa

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá ọsibítù wa ní Àbújá pé kí wọ́n wá yàrá ọ̀tọ̀ fún àwọn tí a bá fura sí pé wọ́n ní ikọ́ ife, kí fèrèsé rẹ̀ sì fẹ̀, torí inú afẹ́fẹ́ ni àrùn náà ń gbà ràn.

Wọ́n wá a lóòótọ́. Wọ́n wá kan gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i! Ta ló bẹ̀ wọ́n?

“Ọ̀gá, fèrèsé la tọrọ o.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tiẹ̀ moore. Ẹ kọ òmíràn wá.”

Mo padà sí wọ́ọ̀dù, níbi tí bàbá kan láti Karmo ti ń wúkọ́ láàárín àwọn aláìsàn yòókù. Mo kọ òmíràn. Ọwọ́ kan ni mo fi kọ ọ́. Mo fi èkejì bo ẹnu, torí èmi náà ti ń wúkọ́.