Wọ́n Ní Mo Ń Ta Bọ́ọ̀lù Nílé Géèmù

Títí di òní, ojú ṣì máa ń tì mí tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ń ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni wọ́n pè ní ọ̀dàlẹ̀ nílé géèmù.

Ilé géèmù náà kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa ní Ọ̀wọ̀. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ni ín, Ìyá Géèmù la sì máa ń pè é. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àga oníke, àti òfin kan ṣoṣo tí màmá fúnra ẹ̀ kọ tó lẹ̀ mọ́ ògiri: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN SẸ́TÍŃGÌ. Ẹnì kan ló fà á. Ó lọ tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, ni géèmù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá ọ̀nà padà. Látìgbà náà, bí o bá kàn yà sí ẹ̀gbẹ́ sẹ́tíńgì báyìí, màmá á gba páàdì tí o fi ń gbá géèmù lọ́wọ́ ẹ, á sì fi èdè Ọ̀wọ̀ bú ẹ débi tí wàá fi gbàgbé ohun tó gbé ẹ wá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ń lọ síbẹ̀. A jọ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìdógun ni, iṣẹ́ ìjọba ló tún so wá pọ̀, tábìlì kan náà la jọ ń lò ní ọ́fíìsì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tá a bá ti ṣíwọ́, a ó lọ bá àwọn ọkùnrin méjì kan láti Ìyere, àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumí, gbá bọ́ọ̀lù. Àwa méjì lẹ́gbẹ́ kan, àwọn méjì lẹ́gbẹ́ kejì, kálukú pẹ̀lú páàdì ẹ̀. Nínú géèmù, àwa máa ń wọ pupa, àwọn máa ń wọ jẹ́sí aláwọ̀ ewé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tí mo bá gbá, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta tí a pàdánù léraléra, góòlù kan la fi ń borí wọn kó tó di pé mo rọra gbé bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ ọ̀tá níwájú ilé góòlù wa. Mo gbé e síbẹ̀ dáadáa ni o. Bọ́ọ̀lù náà ò tiẹ̀ ta.

Ọ̀rẹ́ mi dìde. Ẹni tó jẹ́ pé bínú bá bí i, ó máa ń ju nǹkan ni, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló gbé páàdì sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni wọ́n fún ọ?"

Mo ní, "Àwọn wo?"

"Àwọn ará Ìyere. Kí ni wọ́n fún ọ tí o fi ń tà mí?"

Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, mo tún fi bàbá ẹ̀ kún un. Ó ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló kẹ́yìn, pé bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, òun àti èmi ti parí, kì í ṣe géèmù nìkan ni òun ń sọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì. Bí fáìlì bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, bírò ló fi ń tì í. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí wọra.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, a ò tí ì gbá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí mo tún ti ṣe é. Olùkọ́bìnrin kan wà nídìí tẹlifíṣọ̀n kejì, ọmọ apá Àkókó, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tiyín nínú àwọn tó ń sáré yẹn?"

Mo nàka sí ọ̀kan, àṣé ti àwọn ará Ìyere ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Èyí ńkọ́?"

"Tiwa ni."

Ẹ̀rín dákẹ́. Ó ní ojú mi ò ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe géèmù sì mọ̀, wọ́n ti fi ohun tó máa tún un ṣe sínú sẹ́tíńgì. Bó ṣe pe sẹ́tíńgì, gbogbo wa wo ògiri.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sínú oko kòkó bàbá mi. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti nà mí torí pé mo já kòkó tí kò tíì pọ́n? Ìyàwó mi náà kì í rán mi ní tòmátì. Èmi rò pé bí mo ṣe ń wá èyí tó pọ́n tojútojú yẹn ni gbogbo ayé ṣe ń wá a!

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Àwáwí." Ìyá Géèmù ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan nǹkan kan.

Tíṣà ará Àkókó yìí gbọ́n. Ó ní, "Mà, géèmù onítàn tí ẹ máa ń gbá láàárọ̀, ṣé ẹ ń rí ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ ẹ̀ kà?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn òyìnbó inú géèmù yẹn, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn kà á. Awò méjì ni màmá sì máa ń wọ̀ léra tó bá fẹ́ kà á, tí yóò dúró ti tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó fẹ́ wọ inú ẹ̀.

Màmá gbà, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí sẹ́tíńgì géèmù tiẹ̀. Kékeré, alábọ́ọ́dé, ńlá: tíṣà mú ńlá. Ó fi dúdú sẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó ní kí orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa hàn. Màmá fi ẹ̀yìn rìn padà síbi àga, ó jókòó, ó kà á.

"Háà! Àṣé àbúrò ẹ̀ ló pa á! Látọjọ́ yìí, èmi ń bú ìyàwó!"

Tíṣà tún fi ibi tí wọ́n ti ń dín gbígbọ̀n àwòrán kù hàn án, àti ibi tí ẹni tí ìka ń dùn ti lè di bọ́tìnì mú dípò kó máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Màmá bínú. "Ta ló fi gbogbo èyí pamọ́ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Òfin yín ló wà lára ògiri."

Bí màmá ṣe gbà fún wa nìyẹn. Tíṣà ṣàlàyé pé géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, a sì ní láti wá ti bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀. Oríṣi ọ̀nà mẹ́ta tí àwọ̀ fi lè yí padà la bá níbẹ̀. Ó ní ẹ̀kẹta wà fún àwọn tí ojú wọn ń da búlúù rú, kì í ṣe tèmi. Àkọ́kọ́ ò yí nǹkan kan padà lójú mi. Ó mú ìkejì, mo bá pariwo. Tiwa yàtọ̀ sí tiwọn gedegbe! Mo ka àwọn ènìyàn wa, mọ́kànlá pé, omi sì lé ròrò sí mi lójú.

Àwọn ará Ìyere fárígá. Wọ́n ní ojóró ni, pé ojú tẹlifíṣọ̀n ti yí padà, koríko ti dà bíi pé àìsàn ń ṣe é. Ìyá Géèmù ní, "Ṣé ó fi ẹsẹ̀ kún ẹsẹ̀ ẹ̀ ni? Ojú ló fún un. Ẹ jókòó, jàre!"

A gbá a. Gbogbo bọ́ọ̀lù mi ló ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ẹn-ẹ́n" lábẹ́ ètè. Góòlù kan sí kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó fún mi ní bọ́ọ̀lù kan báyìí, gólì wọn ti ṣubú, ilé wọn ṣófo gbayawu, èmi nìkan ló kù.

Mo gbá a. Ó gba orí ilé kọjá lọ.

Àwọn ará Ìyere gbé bọ́ọ̀lù wá sí ọ̀dọ̀ wa, wọ́n jẹ, wọ́n sì borí. Mo gbé páàdì sílẹ̀, mi ò lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ti fẹ́ pa á kú. Ó gbá mi lọ́rùn mú níwájú gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Òpó funfun! Àwọ̀n funfun! O ò tà mí. Ọlọ́run ṣeun, o ò tà mí rárá. O kàn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni!"