Kókó Ara Gbòǹgbò Ẹ̀wà

Láti ilé mi ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dípúlómà iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé pé àgbàdo ń jẹ náítírójìn ilẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń gbin ẹ̀wà tẹ̀lé e. Bakitéríà inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà ń fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́. Tí gbòǹgbò àtewé bá jẹrà, ilẹ̀ á jèrè.

Ìyá kan tó ń fi fóònù gbọ́ wa lóko rẹ̀ figbe ta.

“Yéè! Mo pe kókó yẹn lárùn! Àwọn òṣìṣẹ́ mi ti ń fa ẹ̀wà náà tu!”

Bó bá jẹ́ àrùn lóòótọ́ ńkọ́?

“Màmá, ẹ la kókó kan wò.”

Ó fi èékánná la ọ̀kan.

“Inú rẹ̀ pọ́n.”

“Tó bá ti pọ́n, bakitéríà inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àrùn. Ẹ dá wọn dúró!”

Ìdajì oko ló rí gbà là.