Igun Tó Mú Jù

Iṣẹ́ irin ni mo kọ́ nígbà èwe mi. Lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, ọ̀gá kan gbà mí síṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà Aláàkíà. Òmìnira kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Ọ̀gá mi kò lọ sílé-ẹ̀kọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ṣísù àti fáìlì gbẹ́ ojú kíì, ìyẹn kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń gbẹ́ sára ọ̀pá ẹ̀rọ. Irin kékeré tí a ń pè ní kíì ló ń wọ inú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, yọ̀ lórí ọ̀pá. Ọ̀gá fẹ́ kí igun kòtò náà mú bí abẹ. Nígbà tí mo gbẹ́ èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá wò ó. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán.

Ìyá kan wà ní Lálùpọn nígbà náà, Mùsùlùmí, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin abúlé yíká ló ń gbé ẹ̀gẹ́ wá bá a. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ọ̀pá àtilẹ̀wá jẹ tán, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo rọ tuntun, èmi náà ni mo gbẹ́ ojú kíì rẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ gùn kọjá ìdí púlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bẹ́ríǹ tó gbé ọ̀pá dúró, nítorí mo rò pé kòtò gígùn ló dára jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀pá ṣẹ́. Púlì já bọ́ ó sì yí gbirigbiri lọ bá apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó wà lọ́nà rẹ̀.

Ọ̀gá ní, “Irin yẹn ló rọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká lo irin tó le.”

A wá ọ̀pá ẹsẹ̀ lọ́rì tó ti gbó, irin tó le gan-an, mo sì rọ ọ́. Mo tún gbẹ́ ojú kíì kan náà, igun rẹ̀ mú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ṣẹ́ níbi kan náà.

Ìyá bínú gidigidi. Wọ́n ní àbúrò àwọn ló ń fún bẹ́líìtì jù, pé òun ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ sóko.  Ọkùnrin náà fi sípánà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó sì lọ.

Kí n tó rọ ẹ̀kẹta, mo sọ fún ọ̀gá pé mo fẹ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra mi. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Lálùpọn láàárọ̀. Mo kọ́kọ́ yà sí oko ọkùnrin náà, níbi tó ti ń kọ ebè.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ń fún bẹ́líìtì jù?”

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ dúró. “Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, á máa yọ̀, ẹ̀gẹ́ kò sì ní lọ̀ kúnná. Bí mo ṣe ń fún un láti ọdún mẹ́rin ni mo ṣe ń fún un. Ọ̀pá àtijọ́ kò ṣẹ́ nígbà kankan. Ó kàn jẹ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ sílé Ìyá, mo ní kí wọ́n fún mi ní àwọn ọ̀pá méjèèjì tó ṣẹ́. Mo nu ojú ibi tó ṣẹ́, mo sì gbé e sínú oòrùn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ti ń là wọlé. Apá tó pọ̀ jù lójú rẹ̀ dán, ó ní àwọn ìlà tó yí po tẹ̀ lé ara wọn bí ìlà ara ìkarahun ìgbín. Ibi kékeré kan péré ló rí ṣákaṣàka, tó ń tàn bí iyọ̀. Mo fi ìka tọ àwọn ìlà náà padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Igun ojú kíì ni, ní ìparí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ríǹ. Igun tí mo fi ń yangàn.

Nígbà tí mo dé ilé, mo ṣí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi. Olùkọ́ wa ti ya ìlà kan nípa bó ṣe ń rẹ irin sójú pátákó rí, mo dà á kọ láti fi yege ìdánwò ni, n kò rò ó síwájú sí i. Bẹ́líìtì ń fa ọ̀pá sí apá kan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ibi tó nà nísinsìnyí, bí ọ̀pá bá yí dé òdìkejì, á fún pọ̀. Nínà, fífún, nínà, fífún, ní gbogbo ìyípo. Ọ̀pá Ìyá ń yí tó ẹgbẹ̀ta ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ó máa ń rẹ irin. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan wà fún irin bíi tiwa: bí agbára tó ń nà án kò bá kọjá ìwọ̀n yẹn, ó lè máa yí lọ láìṣẹ́. Bó bá kọjá rẹ̀, ọjọ́ kan ṣáà ni yóò ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára náà kò tó èyí tó lè ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Igun tó mú sì ni ibi tí agbára náà ń kóra jọ sí, tó ń di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó le tún máa ń tètè là níbi irú igun bẹ́ẹ̀ ju irin rírọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí líle rẹ̀ kò fi gbà wá.

Mo gbé àwọn irin náà lọ bá ọ̀gá. 

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ojú kíì ló ṣẹ́ ọ̀pá yìí. Igun rẹ̀ mú jù, mo sì gbẹ́ ẹ gùn sún mọ́ bẹ́ríǹ jù.”

Ó gba irin náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì wo àwọn ìlà náà.

“Èmi ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀,” ni ó sọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. “Jẹ́ ká lọ sọ fún ìyá náà.”

Àwa méjèèjì la jọ lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo sọ pé ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti àbúrò wọn.  Ìyá ní kí n dìde, wọ́n sì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo fi ìlà ojú irin náà hàn wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án.

“Mo bú u lójú àwọn oníbàárà,” ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi gèlè nu ojú. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló rìn lọ sóko, a sì rí wọn lókèèrè tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò wọn láàárín ebè.

Ọ̀pá kẹta, irin rírọ̀ la fi ṣe é, àmọ́ ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A sún púlì mọ́ bẹ́ríǹ kí bẹ́líìtì má baà tẹ ọ̀pá tó ti tẹ́lẹ̀. Mo gbẹ́ ojú kíì kúrú, ìparí rẹ̀ jìnnà sí bẹ́ríǹ, mo sì fi fáìlì róbótó yí gbogbo igun rẹ̀ kó má mú. A fi bébà oníyanrìn dán ojú ọ̀pá títí ibi tí fáìlì họ kò fi sí mọ́. Ọ̀gá fi èékánná wo igun náà, ó mi orí, ó sì ní, “Ó burú lójú. Ó dáa.”

Àbúrò Ìyá ló fi í sípò. Ó fún bẹ́líìtì bó ṣe máa ń fún un, ó sì yíjú sí mi bóyá n óò sọ̀rọ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ wọn síwájú, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lápá Ìbàdàn bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo tún lò ní Aláàkíà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ bẹ́ríǹ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì mélòó kan. Wọn kò pe wá nítorí ọ̀pá mọ́.