Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Iná Ṣọ́ọ̀bù Mi

Iná gígùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Iléṣà ń ṣẹ́jú, irin wúwo inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣóòkù sì ń kùn. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ wáyà, gbé iná LED wá láti fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, nítorí náà kò pa súwíìsì ńlá kó tó gun àga.

“Àǹtí mi, iná ò kúkú sí. Kí lẹ ń bẹ̀rù?”

Ara mi ò balẹ̀. Mo lọ pa súwíìsì náà fúnra mi. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó tú iná àtijọ́ sílẹ̀ tòun ti ṣóòkù, ó sì di wáyà méjèèjì mú láti so wọ́n tààrà mọ́ iná tuntun.

Ìgbà náà ni àdúgbò hó: “Iná ti dé o!”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ dúró ti súwíìsì yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”