Kànga Kò Ní Ìdajì

Ìwé mẹ́fà péré ni Rose Oyèyẹmí kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọkọ rẹ̀ tó mú un wá sí Kánò lọ́dún 1957. Ọkọ náà ń ta bàtà ní Niger Street. Nígbà tó kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá fi Yorùbá kí i, Haúsá ni yóò fi dá ọ lóhùn. Lọ́dún 1967 ni Rose gba iṣẹ́ síse oúnjẹ ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé ìwé ìjọ wa ń gbé. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Èmi ni akápò ìjọ láti ọdún 1970 títí di 1988. Mo mọ ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń béèrè owó ni mo fi mọ̀ wọ́n jù. Mi ò mọ ẹni tó béèrè owó bíi ti Rose.

Omi ló fa ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ omi ìjọba wà lójú títì, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dé, afẹ́fẹ́ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Garúwá ló ń bá wa pọnmi, ìyẹn àwọn ọkùnrin Haúsá tó ń fi ọ̀pá kọ́ garawa méjì léjìká kiri. Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ìrìn kan. Nígbà ooru, ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni, ìyẹn bí o bá rí wọn. Ní ooru ọdún 1977, a ò rí wọn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà ni àwọn ọmọ méjìdínláàádọ́ta jẹ, àwọn òbí sì wá bá wa wí.

Díákónì Matthew Adétúnbọ̀, tó ń ta táyà, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, sọ ọ́ nínú ìpàdé pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a ti ilé ìdáná náà pa, kí àwọn ọmọ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wọn. Ẹnikẹ́ni ò bá a jiyàn. Ilé ìdáná yẹn ni Rose fi ń jẹun. Yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni òun àti Bọ́sẹ̀dé ń sùn. Ibẹ̀ náà ni owó ilé ìwé Bọ́sẹ̀dé ti ń jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ìgbìmọ̀ ìnáwó wa ṣe rí. A jẹ́ mẹ́fà. Gígé ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá béèrè ọgọ́rùn-ún, a fún un ní àádọ́rin, inú wa a sì dùn pé a ṣọ́ owó Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ ti mọ̀ wá. Nítorí náà ẹni tó ń fẹ́ àádọ́rin a béèrè ọgọ́rùn-ún. Àwọn akọrin ń ṣe é, ẹgbẹ́ ìyá ń ṣe é, olùkọ́ àgbà pàápàá ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1978, Rose kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ó fi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹsẹ Sáàmù kan sí i, ó ní òun ń fẹ́ ₦3,300 láti gbẹ́ kànga sí àgbàlá. Ó parí rẹ̀ sí pé Ọlọ́run yóò bùkún fún ìgbìmọ̀. Ó tán. Alága wa, Pa Charles Adétúnjí, gbé lẹ́tà náà jìnnà sí ojú rẹ̀ díẹ̀ kó lè rí i kà, ó ní owó yìí pọ̀, kí a fún un ní ìdajì ná, kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń kọ ₦1,650 sínú ìwé nígbà tí Rose, tó jókòó sẹ́yìn, dìde.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba owó yín padà. Kànga kò ní ìdajì. Bí a bá gbẹ́ ẹ dé agbede tí owó tán, ihò lásán ni, ọmọ ọlọ́mọ á sì já sí i.”

Díákónì ní láti ìgbà tí òun ti dé Sabon Gari, àdúgbò wa ní Kánò, òun kò tíì rí ẹni tó kọ owó ìjọ. Pa Charles kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rose padà wá ní oṣù kẹta, kí ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó dájú. Bí kò bá rí i sọ, a jẹ́ pé ìmọ̀ràn Díákónì la ó tẹ̀ lé kí ooru tó mú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bi í léèrè pé èló ni kànga gan-an. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu ọ̀nà.

“Ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ ni, Bàbá Fúnlọ́lá. Mo bu lé e nítorí pé ẹ̀yin náà ń gé e.”

Òótọ́ ni, èmi náà wà lára àwọn tó ń gé e. Mo ní kó kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ẹni tí kò gbà á gbọ́: ohun tí yóò ná wa, títí dórí ìṣó, ohun tí yóò mú padà fún wa, ohun tó lè bà á jẹ́, àti ohun mìíràn tí a lè ṣe dípò rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ni kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ohun tó lè bà á jẹ́, ṣé wọn kò ní fi kọ̀ fún òun ni? Mo ní Matthew yóò rò ó lọ́nàkọnà, ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju kó fúnra rẹ̀ wá a rí lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é. Ó fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìlà kan fún ìrìn garúwá kan. Èmi ti rò pé ogójì ìrìn là ń rà lójúmọ́. Ọgbọ̀n ni. Ó lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga mẹ́ta, ó gba iye owó lọ́wọ́ wọn, ó mú Mállàm Tanko ní àdúgbò Brigade. Kì í ṣe òun ló gba owó tó kéré jù, ṣùgbọ́n òun nìkan ló gbà pé bí òun bá kan àpáta, iye ẹsẹ̀ bàtà tí òun gbẹ́ ni kí a sanwó rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìwé tẹ gbogbo rẹ̀ sójú ewé mẹ́ta.

Ní ìpàdé oṣù kẹta, olúkúlùkù wa ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí Sáàmù nínú rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé òun ń béèrè ₦2,240 fún kànga kan, àti pé owó náà yóò padà sápò ìjọ kí ọdún méjì àti ààbọ̀ tó pé.

Lẹ́yìn èyí ló wá tú u palẹ̀. Gbígbẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní náírà méjìlá méjìlá, ₦720. Òrùka kọnkéré ogún, ₦500. Ẹ̀rọ ìfọwọ́fà omi àti páìpù rẹ̀, ₦850. Ìdérí àti pèpéle, ₦130. Àyẹ̀wò omi, ₦40. Omi tí a ń rà ń gba ₦1,350 lọ́wọ́ wa lọ́dún. Bí kànga bá wà, a ó ṣì máa ra omi mímu ní ₦225, a ó sì fi ₦150 tọ́jú ẹ̀rọ. ₦975 ni yóò máa kù sápò wa lọ́dọọdún.

Ohun tó lè bà á jẹ́ gba odidi ojú ewé kan. Ṣàlángá lè ba omi jẹ́, nítorí náà ó ti fi okùn wọn ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà láti ibẹ̀, ó mú ibi tí ilẹ̀ ti ga ju ṣàlángá lọ, a kò sì ní fi omi náà se oúnjẹ kí èsì àyẹ̀wò tó dé. Omi lè gbẹ nígbà ooru, nítorí náà oṣù kẹrin ni kí a gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù. Èyí tó bá fara hàn nígbà yẹn kò ní sá lọ. A lè kan àpáta, nítorí náà kí a kọ́kọ́ yọ ₦720 nìkan sílẹ̀, kí a má fọwọ́ kan ₦1,520 tó kù àfi bí a bá fojú rí omi.

Dípò kànga ńkọ́? Táńkì ńlá kí ọkọ̀ máa já omi sí i: táńkì jẹ́ ₦900, omi ọkọ̀ sì wọ́n ju ti garúwá lọ. Kí a fa ẹ̀rọ ìjọba wọlé: ₦600 péré, ṣùgbọ́n oṣù tí a nílò rẹ̀ gan-an ni kì í yọ omi. Kí a ti ilé ìdáná pa: kò ní ná wa ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ₦1,100 tó ń ṣẹ́kù lórí owó tí àwọn ọmọ ń san lọ́dún yóò lọ, òun la sì fi ń san owó olùkọ́ kan.

Díákónì Matthew kà á dé ibẹ̀. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ló rí níbẹ̀, kò sí èébú nínú rẹ̀, owó nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ìyá Bọ́sẹ̀dé, lóṣù kìíní, ₦3,300. Lónìí, ₦2,240. Èwo ni irọ́?”

Mo gbójú sílẹ̀. Rose ò gbójú sílẹ̀ ní tirẹ̀.

“Ti oṣù kìíní ni, Díákónì. Mo bu ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́ta lé e, torí mo mọ̀ pé ẹ ó gé e. Ti òní, ẹ ò rí ibi gé. Bí ẹ bá yọ òrùka, yóò wó. Bí ẹ bá yọ àyẹ̀wò, a ó ṣàìsàn. Bí ẹ bá yọ ẹ̀rọ, àwọn ọmọ á máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú kànga. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ ti ilé ìdáná.”

Pa Charles wá yíjú sí Díákónì, ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé èló ló béèrè fún dùùrù àwọn akọrin lọ́dún tó kọjá, èló sì ni dùùrù náà ní ọjà.

Díákónì wọ awò ojú rẹ̀ padà. “Alága, ẹ jẹ́ ká dìbò.”

Ọwọ́ mẹ́fà ló lọ sókè. A kò gé kọ́bọ̀.

Ní oṣù kẹrin, Mállàm Tanko wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà, yanrìn gbígbẹ ṣì ni, Rose kò sì jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ní mẹ́tàdínláàádọ́ta, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá okùn wá sókè. Ní méjìléláàádọ́ta, omi dé ìbàdí Tanko, ó sì ké láti ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n fa òun jáde. Ìgbìmọ̀ wá, a wo inú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì yọ owó tó kù sílẹ̀. Èsì àyẹ̀wò dára. Garúwá kò dé rárá fún ọjọ́ mélòó kan ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ṣùgbọ́n iná kò kú ní ilé ìdáná.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ wọ̀nyẹn, Rose wá sí ìpàdé láìsí pé a pè é. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó ₦146 sórí tábìlì: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tí a kò gbẹ́, àti òrùka méjì tí a kò rà. Pa Charles ní kó fi ra nǹkan sí ilé ìdáná. Ó ní rárá, kò sí nínú ìwé òun.

Mo ṣí ìwé ìnáwó mi láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kọ ọ́. Ìlà pín ojú ewé rẹ̀ sí òpó mẹ́ta: ó ní òpó owó tí a béèrè, ó ní ti owó tí a fọwọ́ sí, ó ní ti owó tó jáde. Mo wá òpó ṣẹ́ńjì títí, n kò rí i, nítorí ẹnikẹ́ni kò dá owó padà fún wa rí. Mo fi rúlà fa ọ̀kan sí i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.